Láàárín "A Ó" àti "A Ti"

Kì í ṣe èmi ni mo kọ ìwé ìkíni káàbọ̀ tí mò ń kà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti ti oyè ọ̀mọ̀wé ní ẹ̀ka wa ní Ìbàdàn níbí. Inú dúróà ni mo ti bá a lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí ṣe kòódínétọ̀. Ojú ewé mẹ́rin ni, òfin 22 ló wà nínú rẹ̀, òfin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kà á bí mo ṣe bá a. Màá dúró níwájú yàrá sẹ́mínà, fáànù á máa yí lókè, àwọn tó ti Èkó gba Márosẹ̀ wá láti ìdájí á ti máa tòògbé lẹ́yìn, èmi náà á máa ti orí nọ́ńbà kan bọ́ sí òmíràn títí màá fi dé ìkejìlélógún. Ìṣẹ́jú 11 ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Lẹ́yìn náà la ó pín mííìtì-páì àti omi, a ó ya fọ́tò níwájú ilé, kálukú á gba ọ̀nà Òjòó tàbí Sángo lọ.

Òfin kẹrìnlá inú ìwé yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí: "Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gba èsì kankan lọ́wọ́ ènìyàn kí ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì tó fún un ní ìwé àṣẹ." Gbólóhùn kan péré. Ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì ni àwọn tó ń yẹ ìwádìí wò ṣáájú, kó má baà pa àwọn tí a fẹ́ wádìí lọ́wọ́ wọn lára. Òfin kẹtàlá sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń to ojú ewé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ìkẹẹ̀ẹ́dógún sọ pé kí wọ́n má páàkì mọ́tò síwájú ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka. Àárín àwọn méjèèjì ni tiwa há sí.

Mi ò sọ pé àwọn òfin yòókù kò wúlò. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ ní sáà kan, tí kò sì kọ̀wé pé òun fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró, ọdún rẹ̀ ṣì ń lọ. Mo ti rí ẹni tó padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, tó rò pé ibi tí òun fi iṣẹ́ sí náà lòun máa bá a. Ẹni tó bá sì kó iṣẹ́ oníṣẹ́ wọ inú tirẹ̀ láìdárúkọ onítọ̀hún, ó mọ ohun tó ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ṣẹ̀ sí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òfin wọ̀nyí, owó ara rẹ̀ àti àsìkò ara rẹ̀ ló máa fi san án. Òfin kẹrìnlá yàtọ̀. Ẹni tó máa jìyà rẹ̀ lè jẹ́ ẹlòmíràn, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tí kò sì sí nínú yàrá yẹn nígbà tí à ń kà á.

Ohun tó ṣí mi lójú ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2025. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà wa kan, ọmọkùnrin tó gbọ́n tó sì níwà, ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn obìnrin tó ń ta ata àti tòmátì ní ọjà Bódìjà. Ó fẹ́ mọ iye wọn tó ní in, iye tó mọ̀ pé àwọn ní in, àti iye tó ń lo oògùn. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Obìnrin lè máa gbé agbọ̀n ata fún ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú rẹ̀ lára kó má sì mọ̀, títí ọjọ́ tí apá kan ara á fi rọ. Ó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bíípì, ó sì ti kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù orí fóònù. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nínú oṣù kẹjọ, alábòójútó rẹ̀ ní kí n bá wọn wo orí kẹrin, torí iye inú tábìlì kan kò bá àpapọ̀ mu. Mo ní kó fi détà náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe jáde láti orí KoboCollect, irinṣẹ́ orí fóònù tó fi gba ìdáhùn àwọn obìnrin náà. Nígbà tí fáìlì Ẹ́sẹ́ẹ̀lì náà ṣí, ìlà 214 ló wà níbẹ̀, obìnrin kan lórí ìlà kan. Ẹni tó bá ti lo irinṣẹ́ yìí mọ̀ pé fóònù fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ àsìkò sílẹ̀, kódà tí ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò bi í. Ìlà àkọ́kọ́ rí báyìí:

```
start                          end
2025-03-03T09:12:40.000+01:00  2025-03-03T09:19:05.000+01:00
```

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta. Mo yí lọ sí ìsàlẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọjọ́ 21 oṣù náà. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àfikún tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, níbi tó lẹ ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ mọ́. Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ló wà lórí rẹ̀. Gbogbo àwọn obìnrin 214 náà ló ti fa ọwọ́ wọn sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ méje, ó kéré tán, kí ìwé tó ní kó lọ bá wọn tó jáde.

Mo ránṣẹ́ pè é. Ó wọlé, ó kí mi, ó jókòó. Mo yí kọ̀ǹpútà sí i, mo fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ méjèèjì.

"Mà, mo ti ní nọ́ńbà kí n tó lọ," ló wí.

"Nọ́ńbà wo?"

Ó mú ìwé jáde nínú fáìlì rẹ̀. Nígbà tó kó àbá ìwádìí rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kejì, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, wọ́n kọ nọ́ńbà sórí ẹ̀dà tirẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún un. Nọ́ńbà yẹn ló kà sí àṣẹ. Kò sí ohun tó sọ ju pé ìwé ti dé ọwọ́ wọn, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá fún ènìyàn ní káàdì láti jókòó de dókítà. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ó lè bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ṣí ojú ewé mìíràn nínú fáìlì náà, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́ tọwọ́tẹsẹ̀.

Ìwé tí ẹ̀ka wa kọ sí olórí àwọn aláta ni. "Ẹni tó mú ìwé yìí wá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́ nínú ìwádìí rẹ̀." Ọjọ́ 20 oṣù kejì ló wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí i.

Mo rántí pé sẹ́kítírì gbé e wá pẹ̀lú ìwé mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án mìíràn, mo sì fọwọ́ sí gbogbo wọn láìbi ẹnikẹ́ni pé ìwé ìgbìmọ̀ ńkọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é látayébáyé: tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka bá ti gba àbá ìwádìí wọlé, a ó kọ ìwé ìfinihàn. Ìwé tèmi ló ṣílẹ̀kùn ọjà fún un. Olórí àwọn aláta rí òǹtẹ̀ yunifásítì, ó ní kí àwọn obìnrin fara balẹ̀ fún ọmọ náà, kò sì sí ẹni tó máa kọ̀ sí ìyá lẹ́nu. Mo ti ka òfin kẹrìnlá sétí rẹ̀ lọ́jọ́ ìkíni káàbọ̀, mo sì tún fi bírò ara mi fún un láyè láti fò ó.

Mo padà sínú détà náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò wá tábìlì mọ́. Ohun tí mò ń wá ni nọ́ńbà bíípì fúnra wọn. Tí ti òkè bá ti tó 180, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 120, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ohun tí à ń kọ sílẹ̀ lásán. Ẹ ní láti jẹ́ kí ẹni náà sinmi, kí ẹ tún un wọ̀n, tí kò bá sì wálẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo to gbogbo ìlà láti orí èyí tó ga jù. Márùn-ún ló wà níbẹ̀. Èyí tó ga jù ka 204/122.

Mo pè é lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bi í pé kí ló ṣe nígbà tó rí 204.

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, mo sì bọ́ sí ìsọ̀ tó kàn."

Kò sí ìwà ìkà lára ọmọ yìí. Kò sẹ́ni tó ti bi í ní ìbéèrè yẹn rí ni. Ìbéèrè yẹn gan-an sì ni ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ béèrè nígbà tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ tán. Lẹ́tà wọn dé ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó ti kúrò lọ́jà. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mí bí mo ṣe ń kà á, torí pé kò sí ohun tó ṣòro nínú ohun tí wọ́n bi í. Tí o bá rí ẹni tí bíípì rẹ̀ ga gidigidi, ta lo máa pè, ilé ìwòsàn wo lo máa mú un lọ, ta ló máa sanwó ọkọ̀? Ibo lo ti máa wọ̀n wọ́n, kí àwọn oníbàárà má baà máa wò wọ́n? Oṣù Ramadan ló bọ́ sí o. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ tí wọn kò mu oògùn wọn lọ́sàn-án, báwo lo ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Wọ́n tún ní kó lọ tún fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda rẹ̀ kọ ní Yorùbá. Èyí tó lò bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Mo wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ yín." Ẹni tó bá ti dé ọjà wa rí mọ ohun tí "ìwádìí" máa ń dà létí ìyá tó ń tajà. Ọlọ́pàá ló ń ṣe ìwádìí. Agbowó-orí ló ń ṣe ìwádìí. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń fẹ́ ni pé kí ẹnì kan tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí mú ti Yorùbá, kó yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n wá fi èkíní àti èkejì wéra. Ibi tí wọ́n bá ti yà ni ibi tí ẹni tó ń gbọ́ ti máa ṣi wá gbọ́. Wọ́n tún rán an létí pé àṣẹ olórí ọjà kì í ṣe ìyọ̀ǹda ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá ọjà lè ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n aláta kọ̀ọ̀kan ló máa sọ bóyá òun fẹ́ na ọwọ́ tàbí òun kò fẹ́. Kó sì rí i gbangba pé tóun bá kọ̀, kò sẹ́ni tó máa gba ìsọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ọmọ náà dáhùn gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, ìdáhùn rẹ̀ sì dára. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹni tí bíípì rẹ̀ bá tó 180/120, a ó jẹ́ kó sinmi, a ó tún un wọ̀n, a ó sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ ọjà jù." Ìgbìmọ̀ ka ìdáhùn yìí, inú wọn dùn sí i, wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń kọ "a ó" yẹn, ó ti wọn àwọn 214 tán pátápátá. "A ti" ló yẹ kó kọ, ohun tó sì yẹ kó tẹ̀ lé e ni: a ti rí márùn-ún, a kò mú ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Títí di ọjọ́ 28 oṣù kẹta, àṣìṣe ló ṣe. Láti orí "a ó" yẹn lọ, irọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á, ó ní tóun bá sọ òótọ́, gbogbo iṣẹ́ á wó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn ká, àwọn kan wá gbà á nímọ̀ràn. Àgbà akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kó lọ bẹ ọ́fíìsì kan kí wọ́n bá a sún déètì sẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní kó kúkú pa `start` àti `end` rẹ́ nínú fáìlì, ta ló máa wò ó? Mo fẹ́ sọ ohun kan nípa sísún déètì, torí pé a ti rí irú rẹ̀ rí ní orílẹ̀-èdè yìí. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer gbé oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wá síbẹ̀ láti dán an wò. Nǹkan bí 200 ọmọ ló kópa, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú láti ìhà méjèèjì, àwọn òbí sì ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò oògùn ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kò ṣe ohun tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníròyìn tú ọ̀rọ̀ wò, ó hàn pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́tà tí wọ́n ń fi hàn bí àṣẹ ẹ́tíìsì, tí wọ́n sì sún déètì rẹ̀ sẹ́yìn, àti pé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti dán oògùn náà wò kò ní ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì rárá nígbà yẹn. Lọ́dún 2009 ni ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Ìlànà tí àwọn ìgbìmọ̀ wa ń tẹ̀ lé báyìí jáde lọ́dún 2007.

Nítorí náà ni mi ò fi lè gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé déètì kì í ṣe nǹkan kan. Ìgbìmọ̀ kò lè fún ènìyàn ní àṣẹ ohun tó ti ṣe kọjá. Kì í ṣe agídí. Iṣẹ́ tí a fi wọ́n ṣe ni láti rí ewu kó tó dé bá ìyá aláta, bí iṣẹ́ bá sì ti parí, ewu náà ti dé tàbí ó ti kọjá lọ.

A kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ìgbìmọ̀ fúnra wa, ọmọ náà, alábòójútó rẹ̀ àti èmi, pẹ̀lú lẹ́tà kan tí a kò fi ohunkóhun pamọ́ nínú rẹ̀, àti ti ìwé ìfinihàn tèmi náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ká kọ́kọ́ lọ wá àwọn márùn-ún náà. Lẹ́yìn náà, ká pa détà rẹ́. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ lo ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Tó bá ṣì fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Owó sáà mìíràn lọ sí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba oyè ṣáájú rẹ̀.

Wíwá àwọn márùn-ún ló le jù. Kò kọ orúkọ sílẹ̀, ohun tó sì dára ni pé kò kọ ọ́. Ọjọ́ orí wọn, iye ọdún tí wọ́n ti ń tajà, ohun tí wọ́n ń tà, bóyá wọ́n ń lo oògùn àti nọ́ńbà bíípì nìkan ló wà níbẹ̀. Àwa àti nọ́ọ̀sì kan la jọ wọ ọjà lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ náà ń rìn níwájú, ó ń gbìyànjú láti rántí ìsọ̀ tó ti jókòó ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ó rántí ìyá tí bíípì rẹ̀ jẹ́ 204/122 torí pé ìyá náà fún un ní ọsàn. A bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já tòmátì sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ga. Ìyá náà ní, "Ṣé ohun tí ọmọ yìí rí nígbà yẹn nìyí? Mo rò pé tó bá burú, á sọ fún mi." Kò sí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. A mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, òun àti ẹnì kejì. Ẹni kẹta ti wà lórí oògùn. Ó ní nínú ààwẹ̀ lòun kò lò ó déédéé. Ẹni kẹrin ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ṣakí, aládùúgbò rẹ̀ pè é lórí fóònù, a sì bá a sọ̀rọ̀. Ẹni karùn-ún wà lórí ìlà 131: ẹni ọdún 52, ata gbígbẹ, 188/124, kò lo oògùn. Ọmọ náà kò rántí rẹ̀. A rìn gbogbo ọ̀nà àwọn tó ń ta ata gbígbẹ, a béèrè, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ní ìparí oṣù náà ni mo jókòó láti tún ìwé ìkíni káàbọ̀ kọ. Mo yọ òfin nípa pípáàkì mọ́tò, mo ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Mo kó àwọn yòókù sínú ìwé tí kálukú lè gbé lọ kà nílé. Èyí tí mò ń fi ẹnu sọ níwájú wọn wá di ohun kan ṣoṣo, mo sì ń gbà á tó ìdajì wákàtí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn. Kí n tó fi olórí ẹ̀ka àti àwọn olùkọ́ wa hàn yín, ẹ wo ìlà yìí. Mo ṣe é kó jọ èyí tí a ní ni, kì í ṣe èyí gan-an. Ìyá kan ló ní nọ́ńbà yìí. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dún tán. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ má sọ fún mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n á kọ ọ́. Àwọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú wọn á yára kọ, àwọn yòókù á máa wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni màá tẹ̀ síwájú:

"Ìbéèrè tí mo bi yín yẹn ni ìgbìmọ̀ máa bi yín. Tí wọn kò bá tíì bi yín, ẹ kò tíì lè lọ. Nọ́ńbà orí ìwé tí wọ́n dá padà kì í ṣe àṣẹ. Lẹ́tà ìbéèrè kì í ṣe àṣẹ. Àṣẹ ni lẹ́tà tó sọ pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, tó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Tó bá sì parí kí iṣẹ́ yín tó parí, ẹ lọ tún un gbà kí ẹ tó bi ẹnì kan ṣoṣo sí i. Ẹni tó bá ní òun kàn fẹ́ dán ìbéèrè òun wò lára èèyàn mẹ́wàá, èèyàn ni àwọn mẹ́wàá náà, ẹ kọ wọ́n mọ́ ohun tí ẹ ń gba àṣẹ fún. Tí ẹ bá rò pé iṣẹ́ yín kéré débi pé kò nílò àṣẹ, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ló máa sọ bẹ́ẹ̀, lórí ìwé, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe alábòójútó yín, kì í sì í ṣe èmi."

Lẹ́yìn èyí ni màá sọ ti ìwé ìfinihàn. Nísinsìnyí, sẹ́kítírì kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́ láìjẹ́ pé ó rí lẹ́tà àṣẹ náà, ó sì ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan lórí tábìlì rẹ̀. Màá ní kí wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìlànà wọn, kí wọ́n fa ìlà mẹ́ta: ọjọ́ tí mo fi ìwé sílẹ̀, ọjọ́ tí àṣẹ jáde, ọjọ́ tí mo bá ẹni àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta kò gbọdọ̀ ṣáájú èkejì. Nígbà tí wọ́n bá gbé orí kẹrin wá, èmi fúnra mi ni màá béèrè fáìlì tó ti inú fóònù jáde, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti tò.

Mo mọ̀ pé dídúró máa ń ni wọ́n lára. Ó lè tó oṣù mẹ́ta, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó láti wá kàwé kò ní oṣù mẹ́ta tó fẹ́ sọ nù. Òótọ́ ni ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé ìdúró náà gùn tàbí kúrú nípa ohun tí wọ́n bá gbé wọlé. Èyí tó ń pẹ́ jù ni ìwé tí wọ́n dá padà lẹ́ẹ̀mejì torí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda Yorùbá tí kò já gaara. Ẹni tó bá ti túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, tó ti lọ bá ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé sọ̀rọ̀, tó sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn pé àwọn máa gba ẹni tó bá rán wá, ìwé tirẹ̀ kì í rìn lọ rìn bọ̀. Mi ò sì tàn wọ́n pé lẹ́tà àṣẹ fúnra rẹ̀ máa ń gba ènìyàn là. Ẹni tó ní i lọ́wọ́ ṣì lè rí 204 kó sì kọjá lọ. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé á ti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣáájú, pé òun kò ní kọjá lọ.

Ọmọ náà ló fún mi láyè láti máa sọ ìtàn rẹ̀, láìdárúkọ. Ó jókòó lẹ́yìn nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún àwọn tuntun. Nígbà tí mo parí, obìnrin kan ní ìlà kejì na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, ìyá tó ń ta ata gbígbẹ yẹn, ibo ló wà báyìí?"

Mo sọ fún un pé a kò mọ̀. Yàrá náà dákẹ́, fáànù nìkan ló ń dún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo ṣí ojú ewé tó kàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa forúkọ sílẹ̀ fún sáà tuntun.